Láàbù wo ni ká kọ lẹ́tà sí? Ìfiwéra fún àwa tó ń se ọṣẹ dúdú l'Óṣogbo

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ọlọ́ṣẹ kékeré l'Óṣogbo tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọṣẹ rẹ̀ gan-an. Láàbù yunifásítì tó wà nítòsí ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni láàbù aládàáni ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ìkẹta sì ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba bíi FIIRO ní Oṣòdì. Lẹ́tà kan náà ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí bí wọ́n bá ṣe fèsì sí i la ó fi mọ èyí tí a ó yàn.

Nǹkan mẹ́rin ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi èsì ṣe: ẹni tó fẹ́ tún ìsè ara rẹ̀ ṣe àti ẹni tí oníbàárà òkè òkun ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé láàbù náà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọṣẹ dúdú wò, àbí ọṣẹ olódídì funfun nìkan ló ti dé ọwọ́ wọn rí? Báwo ni ọṣẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn láìyípadà? Nígbà wo lèsì máa jáde, èló sì ni? Owó ni mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sẹ́yìn, torí ohun kejì yẹn ló ń ba èsì jẹ́ jù, àwọn tó sì ń béèrè nípa rẹ̀ kò pọ̀.

Ohun tó mú ọṣẹ dúdú yàtọ̀

Omi eérú tí a sẹ́ láti ara èèpo kókó kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Pọ̀tásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló ń gbà wà níbẹ̀. Ọ̀kan mú gan-an, KOH nìyẹn. Òun ló ń yára bá àdín jà tó fi ń di ọṣẹ. Èkejì ni kábọ́nétì, K2CO3, tó pọ̀ jù nínú eérú. Kábọ́nétì kì í tètè bá àdín lò, ìdí nìyẹn tí ìsè àtijọ́ fi ń pẹ́ lórí iná. Bí ọṣẹ bá ti délẹ̀, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa ta èèyàn lára.

Àwọn àgbà ọlọ́ṣẹ a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bó bá ta ahọ́n, wọ́n á ní kò tíì jinná. Àyẹ̀wò tó dára ni, èmi náà ò tíì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè sọ èwo nínú méjèèjì ló ń ta á, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe wọn yàtọ̀. Bó bá jẹ́ KOH ló ṣẹ́kù, a ó fi àdín díẹ̀ kún un, a ó sì dá a padà síná. Bó bá jẹ́ kábọ́nétì ni, àdín tí a bá fi kún un kò ní rí nǹkan gidi bá lò, òróró lásán ni yóò léfòó sójú ìkòkò. Omi eérú fún ìsè tó ń bọ̀ ni a máa lọ tún ṣe.

Mítà pH náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọṣẹ tó jinná dáadáa, tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, pH rẹ̀ á ṣì wà ní nǹkan bí 9 sí 10, torí bí ọṣẹ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun yẹ ọṣẹ wò, tó wá jẹ́ pé pH nìkan ló wà lórí ìwé rẹ̀, kò tíì sọ nǹkan púpọ̀ fún wa.

Àwọ̀ ni ìṣòro tó kù. Ọ̀pọ̀ láàbù máa ń kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọṣẹ, wọ́n á sì máa wo ìgbà tí oògùn aláwọ̀ tí wọ́n fi sí i, fẹnọ́fítálíìnì, yóò pàwọ̀ dà láti pínńkì sí aláìláwọ̀. Nínú omi ọṣẹ dúdú tó pọ́n bíi tíì, ta ló fẹ́ rí pínńkì? Mítà pH ló yẹ kí wọ́n fi mọ ibi tó parí sí, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ bí ásíìdì ṣe ń kán. Láàbù tó bá mọ èyí kí a tó sọ, ẹ ti rí ọ̀kan tó ṣeé bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà náà

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́, ẹ má ṣe yọ àwọn nọ́ńbà ISO kúrò, torí orúkọ àyẹ̀wò lè yàtọ̀ láti ẹnu kan sí òmíràn, nọ́ńbà kì í yàtọ̀.

> Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun
>
> Sí Ọ̀gá Láàbù,
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń béèrè nípa àyẹ̀wò ọṣẹ dúdú, àpẹẹrẹ méjì láti inú ìsè méjì.
>
> Ọlọ́ṣẹ kékeré ni mí. Àdín àti omi eérú èèpo kókó ni mo fi ń se ọṣẹ mi, n kì í fi kọ́sítíìkì sí i. Àpẹẹrẹ A kò ní àfikún kankan. Mo fi òrí àti oyin sí Àpẹẹrẹ B lẹ́yìn tó kúrò lórí iná. Ọṣẹ pọ̀tásíọ̀mù ni méjèèjì, wọ́n rọ̀, omi wọn sì máa ń dúdú.
>
> Àwọn àyẹ̀wò tí mo fẹ́ nìyí:
>
> 1. Álíkálì kíkan tó ṣẹ́kù, ISO 456, ní ọ̀nà báríọ̀mù kílóráìdì.
> 2. Àpapọ̀ álíkálì tó ṣẹ́kù, ISO 684.
> 3. Omi àti ohun tó ń fò lọ, ISO 672.
> 4. Àpapọ̀ ọ̀rá inú ọṣẹ, ISO 685.
> 5. pH. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwọ̀n ọṣẹ tẹ́ ẹ pò mọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra yín, àbí ẹ máa ń gbé òmíràn fún láàbù mìíràn? Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ásíìdì parí sí nígbà tí omi ọṣẹ bá dúdú? Ṣé KOH lẹ máa fi ka álíkálì, àbí NaOH?
>
> Nípa àpẹẹrẹ: gíráàmù mélòó lẹ nílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan? Irú ike tàbí ìgò wo ni kí n fi dì í? Ṣé kí n gé e láti ojú àti láti inú, kí n pò ó pọ̀, àbí kí n gbé odindi wá? Ọjọ́ mélòó ló lè wà lọ́nà? Ṣé ẹ máa fi ìyókù pa mọ́, fún ìgbà wo?
>
> Nípa àkókò: ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ni èsì máa gbà, ìgbà wo lẹ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọjọ́ tí ọṣẹ dé, ọjọ́ tí mo sanwó, àbí ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye owó àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fún àpẹẹrẹ kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò ní fi ọṣẹ ránṣẹ́ kí n tó gba èsì lẹ́tà yìí.
>
> Ẹ ṣé púpọ̀.

Ìdí tí mo fi ní ọ̀nà báríọ̀mù kílóráìdì ni pé ọ̀nà méjì ló wà nínú ISO 456. Èyí tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọṣẹ sódíọ̀mù ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ọṣẹ olódídì. Báríọ̀mù ni ti ọṣẹ pọ̀tásíọ̀mù. Bí wọ́n bá dà á sínú omi ọṣẹ, yóò gbá kábọ́nétì àti ọṣẹ fúnra rẹ̀ jọ sí ìsàlẹ̀, KOH nìkan ni yóò kù fún ásíìdì láti bá jà. ISO 684 ní tirẹ̀ ń ka méjèèjì pọ̀. Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, ohun tó kù jẹ́ kábọ́nétì.

Ká ní èsì Àpẹẹrẹ A sọ pé àyẹ̀wò kìíní jẹ́ 0.03 nínú 100, èkejì 0.90 nínú 100, tí wọ́n sì fi KOH ka méjèèjì. Ó túmọ̀ sí pé ọṣẹ náà ti jinná, KOH tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. 0.87 tó kù, kábọ́nétì ni, ó sì wá láti inú eérú. Ọlọ́ṣẹ tó gba àyẹ̀wò kìíní nìkan á rò pé ọṣẹ òun kò ní wàhálà, kò sì ní lóye ìdí tí oníbàárà fi ń ráhùn pé ó ń ta ojú. Ẹni tó gba èkejì nìkan á lọ da àdín sínú ìkòkò láìnídìí.

Ìbéèrè KOH àbí NaOH yẹn náà kì í ṣe àṣejù. Nǹkan kan náà tí wọ́n bá fi NaOH kà ní 0.14 yóò di nǹkan bí 0.20 bí wọ́n bá fi KOH kà á, torí ìlọ́po 1.4 ló wà láàárín wọn. Bẹ́ ẹ bá gbé èsì láàbù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìwo èyí, ẹ ó rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Ẹ ó ti rí i pé n kò béèrè àyẹ̀wò kòkòrò àìfojúrí. ISO 29621 ka ohun ìpara tí pH rẹ̀ bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ ohun tí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé. Bí pH Àpẹẹrẹ B tó ní oyin bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 10, tó sì rọ̀ gan-an, ìgbà yẹn ni mo lè padà béèrè. Dídúró kí kòkòrò hù nínú láàbù nìkan lè gba ọjọ́ 3 sí 5 fún olú àti ìwúkàrà, ẹ fi ìyẹn kún àkókò.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọṣẹ lọ́nà

Ibi yìí ni jíjìnnà láàbù ti ń di ọ̀ràn. Ọṣẹ dúdú tí a fi bébà wé máa ń ṣe nǹkan méjì. Ó máa ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì máa ń fa omi mọ́ra nígbà òjò débi pé ó máa ń làágùn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i náà tún ń sọ KOH tó ṣẹ́kù di kábọ́nétì díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni pé ọṣẹ tó jókòó sí gáréèjì fún ọjọ́ mélòó kan lè dé láàbù pẹ̀lú èsì kìíní tó dára ju bó ṣe rí nílé lọ.

Ìgò onígíláàsì tàbí ike tó lẹ́nu gbòòrò tó sì dé pinpin ni mo gbà, kí a di ọṣẹ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Kí a gé díẹ̀ ní ojú, díẹ̀ ní àárín, díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìsè, torí ojú ọṣẹ ti gbẹ ju inú rẹ̀ lọ. Kí a wọn ìgò náà pẹ̀lú ọṣẹ inú rẹ̀ kí a tó fi téèpù dí ẹnu rẹ̀, kí a kọ ìwọ̀n yẹn sára rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a sè é àti ọjọ́ tí a dì í. Kí a wá bẹ láàbù pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n bó bá dé.

Ìwọ̀n yẹn máa ń gba èèyàn là. Ká ní 300 gíráàmù ọṣẹ ló kúrò l'Óṣogbo, 285 ló dé, omi nìkan ló sì lọ. Láàbù wá sọ pé ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ 58 nínú 100. Ìdá 58 nínú 100 ti 285 jẹ́ 165.3 gíráàmù ọ̀rá. Bí a bá pín in sórí 300 tó kúrò nílé, 55.1 ni. Èyí ni nọ́ńbà ọṣẹ tí oníbàárà yín rà, 58 jẹ́ ti ọṣẹ tó gbẹ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Láìsí ìwọ̀n àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó lè ṣe ìṣirò yìí.

Láàbù yunifásítì

UNIOSUN wà nínú ìlú níbí, OAU ní Ilé-Ifẹ̀ kò sì jìnnà. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé ẹ lè fọwọ́ ara yín gbé ọṣẹ lọ láàárọ̀, kó dé kí oòrùn tó mú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láàbù ibẹ̀ sábà máa ń ní sùúrù. Wọ́n á gbà kí ẹ jókòó, kí ẹ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe ń sẹ́ omi eérú, kódà wọ́n lè ní kí ẹ mú omi eérú náà wá. Fún ẹni tó ń wá ọ̀nà láti tún ìsè ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ju ìwé lọ. Owó wọn náà sábà máa ń fúyẹ́.

Àkókò ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé fún. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣáájú, bí ìdánwò bá sì dé, ọṣẹ yín á dúró. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, kò parí títí di oṣù Kẹwàá, a ò sì gbàgbé. Iná mànàmáná tún wà níbẹ̀: àyẹ̀wò omi ń fẹ́ kí ọṣẹ wà nínú ófùnù ní nǹkan bí 103°C títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí mọ́. Bí iná bá lọ láàárín, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó tutù láìdé e, yóò padà fa omi. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ má sì retí pé ìwé wọn á tẹ́ oníbàárà òkè òkun lọ́rùn, àyàfi bí láàbù náà bá ní ìwé-ẹ̀rí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láàbù aládàáni

Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún níbí ni ọjọ́ tí wọ́n dá àti ìwé tó dúró. Láàbù tó ní ìwé-ẹ̀rí ISO/IEC 17025, tí NiNAS máa ń fún ni ní Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ lè dé iwájú ẹni tó ń ra ọjà ní ìlú òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí yẹn kì í bo gbogbo ohun tí láàbù ń ṣe, àyẹ̀wò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìkan ló bò. Láàbù kan lè gbà á fún omi mímu, kó má ní í fún ọṣẹ rárá, kó sì gbé àmì náà sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé tí àwọn àyẹ̀wò wà hàn yín, kí ẹ wá ISO 456 àti 685 níbẹ̀.

Ohun kejì ni pé tiwọn jẹ́ ọjà àdìpọ̀. Wọ́n á fèsì pé àwọn ní "àyẹ̀wò ọṣẹ pátápátá" ní iye kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì jẹ́ ti ọṣẹ olódídì: kòkòrò, ìfófòó, pH, omi. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà wa fi ní kí wọ́n kọ owó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń se ọṣẹ gba irú àdìpọ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì dé lákòókò, ìwé náà mọ́ tónítóní, ìlà álíkálì sì wà níbẹ̀, àfi pé ọ̀nà ẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n lò. Nígbà tó pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ò mọ̀ pé pọ̀tásíọ̀mù ni ọṣẹ dúdú.

Ọṣẹ ní láti rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fún awakọ̀ ní gáréèjì, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ Ẹtì. Ó lè sùn sínú mọ́tò títí di Ajé.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba

FIIRO mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kékeré, iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe omi eérú, tàbí kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń fi láìmù, Ca(OH)2, sínú rẹ̀ kí kábọ́nétì lè di KOH, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ lọ. Fún àyẹ̀wò márùn-ún péré, ọ̀nà jíjìn ni, ìwé á sì gba ọwọ́ tó pọ̀ kó tó jáde.

Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá ti yẹ ọṣẹ wò níbì kan, NAFDAC á gba èsì náà kó sì parí. NAFDAC ní láàbù tirẹ̀, ó sì máa ń yẹ àpẹẹrẹ wò fúnra rẹ̀ kó tó fún ọjà ní nọ́ńbà. Èsì tí ẹ gbà ṣáájú, ti ìmúrasílẹ̀ ni, kí ọṣẹ yín má lọ fìdí rẹmi níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó lọ sí ibo

Ẹni tí ọṣẹ rẹ̀ ń ta oníbàárà lára tí kò mọ ìdí, kó kọ lẹ́tà yìí sí yunifásítì, kó gba àyẹ̀wò kìíní àti èkejì nìkan, kó sì gbé ọṣẹ náà lọ fúnra rẹ̀. Kò nílò ti ọ̀rá rárá.

Ẹni tó fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC láìpẹ́, kó gba márààrún, níbi tó bá ti rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè nípa omi ọṣẹ tó dúdú. Ìwé-ẹ̀rí kò pọn dandan fún un ní ìpele yìí.

Ẹni tí oníbàárà òkèèrè ti fún ní ìwé ohun tó ń fẹ́, láàbù aládàáni tó ní ISO/IEC 17025 fún ọṣẹ ni tirẹ̀, kò sí ọ̀nà míì. Kó fi ẹ̀dà ìwé oníbàárà yẹn mọ́ lẹ́tà, kó sì béèrè fún ìyókù àpẹẹrẹ padà bí wọn kò bá ní í fi pa mọ́.

Ẹni tó ti mọ̀ pé kábọ́nétì ló ń dà á láàmú, tó sì fẹ́ yí bó ṣe ń sẹ́ eérú padà, kó kọ sí FIIRO. Kó fi èsì yunifásítì mọ́ lẹ́tà náà, kó sì gbé ìgò omi eérú kan dání pẹ̀lú ọṣẹ.

Bí láàbù méjì bá fèsì bákan náà, ẹ wo èyí tó béèrè nǹkan padà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ṣé ẹ fi oyin sí i kó tó gbóná tán ni, àbí lẹ́yìn tó tutù?" ti ń ronú nípa ohun tó máa fò lọ nínú ófùnù. Ẹni tó bá kọ "ẹ gbé e wá" nìkan, ẹ fi lẹ́tà kan ṣọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbé nǹkan kan lọ.